Ọjọ́ 3 tàbí Òru 3? Bí A Ṣe Tún Ìlànà Iṣẹ́ Gàrí Kọ ní Ọ̀mù-Àrán

Kò sí ẹni tí kò tíì rí ìwé ìlànà iṣẹ́ rí nínú wa. Òun ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nínú lábù àti nílé-iṣẹ́, tí àwọn ọ̀gá ń pè ní ẹẹ́sì-óò-pì. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á lè ṣe iṣẹ́ náà bákan náà lónìí àti lọ́la, yálà ọ̀gá wà nítòsí tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn èèyàn á ní àwọn òṣìṣẹ́ kò kà á ni. Ohun tí àwa rí yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ kà á, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n kà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni kan kà níbẹ̀ kọ́ ni ẹnì kejì kà.

Àwa mẹ́rin la jọ lo oṣù 6 ìdánrawò wa nílé-iṣẹ́ gàrí kan lẹ́yìn ìlú Ọ̀mù-Àrán. A kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni: ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì, férémù irin méjì tí wọ́n ń fi jáàkì fún ẹ̀gẹ́ lórí, àti agbada 5 lórí ààrò alámọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé ẹ̀gẹ́ wá láti ọ̀nà Èsìẹ́ àti Ọ̀rọ̀, àwọn ìyá bíi mẹ́wàá ló sì ń bẹ ẹ́ tí wọ́n ń yan án. Ìlànà tó wà lára ògiri ibẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NAFDAC, nítorí àjọ náà máa ń béèrè ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba nọ́ńbà fún oúnjẹ tó ń ṣe.

Ohun tó sọ wá di akọ̀wé ni ẹjọ́ oníbàárà kan láti Ìlọrin. Ó ní gàrí tí òun ń rà kì í dọ́gba: òmíràn kan dáadáa, òmíràn tẹ́ lẹ́nu bí ẹni pé kò kan rárá, bẹ́ẹ̀ àpò kan náà ni, orúkọ kan náà ló sì wà lára rẹ̀. Ó ní bí kò bá tún ṣe, òun á lọ rà níbòmíràn. Oníbàárà yìí ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pe gbogbo èèyàn jọ, ó bi wọ́n pé ta ni kò tẹ̀lé ìlànà. Gbogbo wọn ní àwọn tẹ̀lé e. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kẹrin ìwé náà. Bí a bá gbé e sí Yorùbá bó ṣe wà, ohun tó sọ nìyí:

“Kí a fọ ẹ̀gẹ́ tí a ti bẹ dáadáa, kí a sì rin ín, lẹ́yìn èyí kí a kó o sínú àpò, kí a jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ 3 kí a tó fún omi rẹ̀, kí a rí i dájú pé a ti fọ ẹ̀rọ kí a tó lò ó, kí ọwọ́ má sì sún mọ́ ìlù ẹ̀rọ.”

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 7.

Ọ̀rọ̀ “ọjọ́ 3” la kọ́kọ́ mú. Ìyá tó ń ṣáájú àwọn ayan-gàrí, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń bójú tó iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Arákùnrin kan tó kàwé jáde ní pólì ló ń bójú tó o ní ìparí ọ̀sẹ̀. A bi Màmá pé, “Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá rin ní Ajé, ọjọ́ wo lẹ máa fún un?” Ó ní, “Ọjọ́rú ni. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn ni, ẹ̀yin ọmọ mi?” A bi arákùnrin náà ní ìbéèrè kan náà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni, nítorí wákàtí 72 ni ọjọ́ 3.

Àwọn méjèèjì ló jàre. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ajé, Ajé tó ń bọ̀ là ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, bẹ́ẹ̀ òru 7 péré ló sùn. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, òru 4 ló wà láàárín ìná kan àti èkejì. Bí Màmá ṣe kàwé ọjọ́ láti kékeré nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ arákùnrin náà ní lábù ni òun náà fi ka tirẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n kà, wákàtí 24 ló sì wà láàárín ohun tí Màmá ṣe àti ohun tí òun ṣe. Wákàtí 24 yìí ni oníbàárà Ìlọrin ń tọ́ wò lẹ́nu.

Kì í ṣe adùn lásán ló wà nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀gẹ́ ni èròjà kan wà tó ń jẹ́ láínámárìn, òun ló ń tú májèlé sàyánáìdì sílẹ̀. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ara rẹ̀ á fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ẹ́ńsáìmù tó wà lọ́tọ̀ nínú rẹ̀ á wá pàdé láínámárìn náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Èyí tó bá tú sílẹ̀ á bá omi jáde nígbà tí a bá ń fún un, iná agbada á sì lé èyí tó kù lọ bí ooru. Ìdí nìyí tí a kì í fi í yí ètò rẹ̀ padà: rínrin, dídúró, fífún, yíyan. Ìdúró yìí ló ń fún ẹ́ńsáìmù láyè, òun náà ló ń jẹ́ kí àwọn bakitéríà mú ẹ̀gẹ́ kan. Kódẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń gbé òfin oúnjẹ kalẹ̀, sọ pé sàyánáìdì inú gàrí kò gbọdọ̀ ju míligíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù 1. Bí ẹnì kan bá ń dín ìdúró náà kù tí kò mọ̀ pé òun ń dín in kù, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó wà nínú àpò náà.

Ọ̀gá yan òru 3, nítorí kíkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n a kò kọ “òru 3” náà síbẹ̀ lásán. A kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ tí a máa fún un sára àpò.” Lábẹ́ rẹ̀ la kọ pé: bí ẹ bá rin ín ní Ajé, ẹ kọ Ọjọ́bọ̀, bí ẹ bá rin ín ní Ìṣẹ́gun, ẹ kọ Ẹtì, bí ẹ bá rin ín ní Ọjọ́rú, ẹ kọ Àbámẹ́ta. Báyìí, ẹni tó bá fẹ́ fún ẹ̀gẹ́ kò ní ìṣirò kankan láti ṣe. Ohun tó wà lára àpò ni yóò kà.

Ibi tí a ti ń kọ èyí la ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá rin ní Ọjọ́bọ̀, Àìkú ni yóò pé òru 3, ẹnikẹ́ni kì í sì í wá ibi iṣẹ́ ní Àìkú. Kí ni wọ́n ti ń ṣe sí ẹ̀gẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti ọjọ́ yìí? Nígbà mìíràn wọ́n á fún un ní Àbámẹ́ta, nígbà mìíràn wọ́n á fi í sílẹ̀ di Ajé. Ìwé àtijọ́ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí “ọjọ́ 3” gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀gá ní kí a kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé a kì í rin ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ bíbẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún Ẹtì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ dà, ṣùgbọ́n Màmá ní ẹ̀gẹ́ tí a bá ti bẹ kì í sùn, yóò dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ ṣe di ọjọ́ fífún, yíyan àti fífọ ilé.

Lẹ́yìn èyí la wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín gbólóhùn. Ó dà bí ohun tó rọrùn: iṣẹ́ kan, ìlà kan. Ṣùgbọ́n èdè wa kì í jẹ́ kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá máa ń so ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. “Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wá kó ẹ̀gẹ́ dà sínú omi fọ̀.” Létí wa, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Ṣé iṣẹ́ kan ni, àbí mẹ́rin? Bí a bá pín gbogbo rẹ̀, ìwé náà á gùn bí ọ̀nà Ẹ̀kọ́, kò sì sí ìyá àádọ́ta ọdún tó máa dúró ka “Ẹ na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀.”

Ohun tí a fi ń dán an wò ni ìbéèrè kan: ṣé ẹnì kan lè dúró láàárín iṣẹ́ méjèèjì, kó lọ gba fóònù, kí ẹlòmíràn sì wá rò pé èkejì ti di ṣíṣe? Bí ó bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ méjì ni, kí a pín in. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi í sílẹ̀. Ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ kò lè lọ gba fóònù kó tó dà á sínú omi, nítorí náà “Ẹ da ẹ̀gẹ́ sínú omi” ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó da ẹ̀gẹ́ sínú omi lè fi í síbẹ̀ láìfọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá dé tó rí ẹ̀gẹ́ nínú omi, yóò rò pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, yóò sì gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ pẹ̀lú iyanrìn lára. Nítorí náà fífọ̀ gba ìlà tirẹ̀.

Bákan náà, a kò pín ohun tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà là ń ṣe wọ́n. Nígbà tí a bá ń da ẹ̀gẹ́ sínú agbada, ọwọ́ kejì ti ń fi igbá rò ó. Bí a bá kọ dídà sí ìlà kan, tí a kọ ríro sí ìlà kejì, ẹni tuntun á da gbogbo rẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò, yóò sì di kókó. A kọ ọ́ pọ̀: “Ẹ máa da ẹ̀gẹ́ sínú agbada díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi igbá rò ó bí ẹ ṣe ń dà á.” Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ro èyí. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn tó ń ṣe bàálù ní Yúróòpù ti ní òfin fún ìwé tí àwọn atúnbàálù-ṣe ń lò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí wọn. Òfin náà sọ pé àṣẹ kan ṣoṣo ni kó wà nínú gbólóhùn kan, àyàfi bí a bá gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún sọ pé gbólóhùn àṣẹ kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 20 lọ. Ìlà kẹrin tí a kà lẹ́ẹ̀kan ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Ètò ló kàn. Nínú ìwé àtijọ́, fífọ ẹ̀rọ ló wà ní ipò kẹfà, lẹ́yìn tí a ti rin ẹ̀gẹ́, tí a ti dì í, tí ó ti kan tán. Ọ̀rọ̀ “kí a tó” ni akọ̀wé náà gbẹ́kẹ̀ lé láti dá iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í ka ìwé tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà díẹ̀, ó ń ṣe díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé “kí a tó lò ó”, ó ti lò ó. Àṣẹ́kù ẹ̀gẹ́ àná tó ti gbẹ mọ́ ìlù ẹ̀rọ ti bá ẹ̀gẹ́ òní lọ sínú àpò. Nítorí náà a yọ gbogbo “kí a tó” kúrò nínú ìwé náà. Ohun tó bá yẹ kó ṣáájú, a fi í ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ìlù ẹ̀rọ ló bà wá lẹ́rù jù. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti pàdánù orí ìka kan sẹ́nu irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ó ní kò sí ẹni tó máa ń dìídì ti ọwọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gẹ́ ló máa ń há. Bó bá há, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa dún, ọwọ́ á sì lọ fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ pé “kí ọwọ́ má sún mọ́ ìlù” kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí ẹ̀gẹ́ bá há. Ohun tí a kọ rọ́pò rẹ̀ nìyí, a sì fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ síwájú, kí àṣẹ tó tẹ̀ lé e:

Bí ẹ̀gẹ́ bá há:
1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì.
2. Ẹ dúró títí bẹ́líìtì kò fi ní yí mọ́.
3. Ẹ fi igi yọ ẹ̀gẹ́ tó há.
4. Ẹ gbé ìdérí padà sórí ẹ̀rọ.
5. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì.

Ìlà kejì yẹn ni wọ́n ní kó máà sí, pé ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì ti pa á náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a dúró ti ẹ̀rọ náà, a wò ó. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìlù ṣì máa ń yí fúngbà díẹ̀, kì í sì í pariwo mọ́. Àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló léwu. Ìlà náà dúró.

Ẹ ti rí i pé “ẹ” la fi kọ gbogbo rẹ̀. Òun náà ní ìjíròrò tirẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí a ṣe èyí, kí a ṣe tọ̀hún, bí ẹni pé “a” ni orúkọ òṣìṣẹ́ kan. Ọ̀kan nínú wa kọ́kọ́ dámọ̀ràn “Fọ ẹ̀rọ. Pa ẹ́ńjìnnì,” nítorí ó kúrú. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa lẹ “Pa ẹ́ńjìnnì” mọ́ ògiri fún ìyá tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà? A lo “ẹ”. “Ẹ” náà wá mú ọ̀ràn mìíràn wá, nítorí ẹni àgbà kan ni “ẹ”, ogún èèyàn sì ni “ẹ”. Bí ogún èèyàn bá gbọ́ “Ẹ pa ẹ́ńjìnnì”, olúkúlùkù á máa wo ẹnì kejì rẹ̀. A yanjú rẹ̀ nípa pípín ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́rin, a sì kọ ẹni tó ni ín sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Abẹ̀gẹ́, Arin-ẹ̀gẹ́, Afún-ẹ̀gẹ́, Ayan-gàrí. A lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí olówó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó ju ìlà 12 lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù tí a lé jáde ni “dáadáa.” Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fún un dáadáa, ẹ yan án dáadáa. Ta ló mọ ibi tí dáadáa parí sí? Àwọn ìyá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló mọ̀ ọ́n. A jókòó tì wọ́n, a ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ọwọ́ wọn ń gbọ́ tó fi dúró. Ní ti fífún, Màmá bu ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ jáàkì, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì là á. Bí omi bá yọ láàárín ìka, kò tíì tó. Bó bá di ìṣù tí kò fọ́, kò tíì tó. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí a fi àtàǹpàkò kàn án, ó ti tó. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àṣẹ kan, àti àmì kan lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó so mọ́ àmì yìí pọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí omi rẹ̀ pọ̀ jù, sísè ni yóò sè nínú agbada, yóò sì di kókó. Èyí tó gbẹ jù kò ní jinná kó tó gbẹ, ìyẹ̀fun ni yóò dà.

Ní ti yíyan, ohùn ni àmì. Nígbà tí gàrí bá ṣì tutù, ríro rẹ̀ kì í dún. Bó bá ti ń gbẹ, ooru á dáwọ́ dúró, ohùn rẹ̀ á sì dà bí iyanrìn tí a ń dà sórí páànù. Kódẹ́ẹ̀sì ní omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ilé-iṣẹ́ yìí kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìyẹn, nítorí náà ohùn la kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ la fi ìlà kan kún un tí ìwé àtijọ́ fò dá: “Ẹ tẹ́ gàrí sílẹ̀ lórí tábìlì títí kò fi ní gbóná lọ́wọ́ mọ́.” Gàrí tí a bá dì ní gbígbóná máa ń làágùn nínú ọ̀rá. Omi náà á padà sínú gàrí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Gbogbo wàhálà ìfún àti ìyan á ti já sásán níbi ìdìpọ̀.

Kí a tó lẹ ìwé tuntun náà, a wá ẹni tí kò ṣe gàrí rí láyé rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ni nílùú náà ni, ọmọ Ìbàdàn. A fún un ní ìwé Arin-ẹ̀gẹ́, a sì bá a ṣe àdéhùn pé a kò ní sọ̀rọ̀. A kò tan ẹ́ńjìnnì, nítorí ìdánwò ìwé ni, kì í ṣe ìdánwò ìka. Ó kọ́kọ́ mú àpò gbígbẹ, ó kọ orúkọ ọjọ́ sára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an la dìídì fi ìkọ̀wé sí, ṣáájú kíkó ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀, torí a ti rí i pé omi ẹ̀gẹ́ máa ń gba ojú àpò tó kún, ìnkì kì í sì í mú un. Ìyẹn lọ geere. Ó ṣí ìdérí, ó fọ ìlù, ó dá ìdérí padà. Nígbà tó dé “Ẹ fi igi ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ,” ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi náà ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń gbé e sí láti ọjọ́ pípẹ́. Kò rí i. Ó na ọwọ́ rẹ̀.

Màmá pariwo ṣáájú gbogbo wa.

Ìwé kò lè sọ pé kí èèyàn lo ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí ìwé kọ̀ọ̀kan ni a ti to ohun tí iṣẹ́ náà nílò sí, àṣẹ kìíní sì ni pé kí a kó wọn jọ. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so igi náà mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹ̀wọ̀n yẹn ṣiṣẹ́ ju ìlà mẹ́ta tí à bá fi kìlọ̀ lọ.

Ìwé náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ilé-iṣẹ́ náà ń dáná igi, kò sì sí ìlà tó lè sọ iye igi tí ààrò kan fẹ́ ní ọjọ́ òjò. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti pẹ́ nílẹ̀, tí omi inú rẹ̀ yàtọ̀, ọwọ́ ìyá ni yóò mọ̀, kì í ṣe ìwé. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò díbọ́n. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ẹ pe Màmá.” Àṣẹ kan ni, ó yé gbogbo èèyàn, ipò tó yẹ ló sì wà.

Nígbà tí oṣù 6 wa fi máa pé, oníbàárà Ìlọrin ṣì ń rà. Ìlà kan ṣoṣo ló di 31. Màmá wo gbogbo rẹ̀ lára ògiri, ó ní ìwé wa gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ní, “Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, mo ní láti kà á tán kí n tó mọ ibi tí mo wà. Èyí, ibi tí mo bá dúró sí, mo mọ èyí tó kàn.”